Límíìtì, sítọ́ọ̀pù àti sítọ́ọ̀pù-límíìtì: ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan lè ṣe nígbà tí iye owó bá ń sáré

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kétu gbé fóònù tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Mo ní kí wọ́n tà á ní 48, wọ́n tà á ní 47 àti díẹ̀. Ṣé wọn ò jà mí lólè?" Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnikẹ́ni ò jà á lólè. Nọ́ńbà tó tẹ̀ kì í ṣe iye tí wọ́n máa tà á, iye tí àṣẹ rẹ̀ máa jí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, owó ilẹ̀ òkèèrè tàbí bítíkọ́ìnì lórí fóònù báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì gbà pé ibi tí àwọn bá fi sítọ́ọ̀pù sí, ìyẹn àṣẹ tó ń jí nígbà tí iye bá kan nọ́ńbà kan, ni wọ́n á ti já àwọn sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń rà

Nọ́ńbà ńlá tí ẹ ń rí lójú fóònù, iye tí wọ́n ṣòwò kẹ́yìn ni. Kò sọ fún yín pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tó máa rà á lọ́wọ́ yín ní iye yẹn. Ohun tó ń sọ ìyẹn ni ìwé ọjà, èyí tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ bíi `Carnet d'ordres` tàbí `Depth of Market`. Nínú rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ rà ti tò síbi kan, àwọn tó fẹ́ tà síbi kejì, pẹ̀lú iye tí oníkálùkù fẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ san jù ló wà lókè. Bí àwọn méjì bá fẹ́ san iye kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń dá lóhùn kọ́kọ́.

Ká ní ẹ ní ìpín 300 nínú ilé-iṣẹ́ kan, ẹ rà á ní yúrò 50 ẹyọ kan. Mo dá àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Iye ti ń já bọ̀, ó ti dé 48, àwọn tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín sì nìyí, iye lápá òsì, iye ìpín tí wọ́n fẹ́ lápá ọ̀tún:

```
47.90    50
47.60   100
47.00    80
46.20   200
```

Bí ẹ bá ní kí wọ́n tà á lójú ẹsẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ ní `Market` tàbí `Au marché`, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á sì máa sọ̀kalẹ̀ títí ìpín 300 á fi tán. Ó gba 50 lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, 100 lọ́wọ́ ẹnì kejì, 80 lọ́wọ́ ẹnì kẹta, ó wá ta 70 tó kù ní 46.20. Gbogbo owó tó wọlé jẹ́ yúrò 14,149. Bí ẹ bá pín in sí 300, ó jẹ́ nǹkan bíi 47.16 lórí ẹyọ kan. Ẹ̀ ń wo 48, ọwọ́ yín ba 47.16. Ìyàtọ̀ yẹn ni ìyọ̀ iye owó. Lórí ìpín 300, ó jẹ́ yúrò 251. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, ìyọ̀ náà sì jẹ́ sẹ́fà 164,645.

Ẹ fi ìwé ọjà kékeré yìí sọ́kàn, òun ni mo máa fi dán àwọn àṣẹ tó kù wò.

Límíìtì: iye dájú, títà ò dájú

Àṣẹ límíìtì ń sọ pé, "Ẹ má tà á kéré sí èyí," tàbí, "Ẹ má rà á jù báyìí lọ." Lójú ẹ̀rọ tó ń sọ Faransé, `Ordre à cours limité` ni. Tí iye bá wà ní 50, tí ẹ sì fẹ́ tà nígbà tó bá gòkè, ẹ lè gbé `Sell Limit` sí 52. Tí ẹ bá fẹ́ rà nígbà tó bá wálẹ̀, ẹ gbé `Buy Limit` sí 47. Àṣẹ náà á wọ inú ìwé ọjà, á sì máa dúró de ẹni tó bá fẹ́. Kò lè yọ̀ sí ibi tó burú ju nọ́ńbà yín lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń sàn jù bẹ́ẹ̀: bí iye bá fò kọjá 52 láìdúró, wọ́n lè bá yín tà á ní 52.30.

Àmọ́ ó lè máà tà rárá. Iye lè kan 52, kí ó sì padà sẹ́yìn kó tó kàn yín, nítorí àwọn tó ti wà lórí ìlà ṣáájú yín pọ̀. Wọ́n sì lè ta 120 nínú 300, kí ìyókù máa dúró. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò: `Buy Limit` tí ẹ gbé kalẹ̀ sí 47 máa ń yára dáhùn jù lọ nígbà tí ìròyìn burúkú bá dé, tí gbogbo ayé ń tà á jù sílẹ̀. Ẹ gba iye tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni ọjà náà ṣì ń lọ.

Lílò kan wà fún límíìtì tí mo fẹ́ràn ju àwọn tó kù lọ. Dípò kí ẹ ní kí wọ́n tà lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé `Sell Limit` sí abẹ́ iye tó wà níbẹ̀ díẹ̀. Nínú ìwé ọjà tòkè yẹn, límíìtì 47.50 á mú ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, á sì dúró níbẹ̀. Kò ní já lọ sí 46.20 láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ló pa á láṣẹ. Ẹni tó bá ń ra ìpín ní BRVM, ọjà ìpín tó wà ní Àbíjánù, tí ìpín ilé-iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ náà wà lórí rẹ̀, ọ̀nà yìí ló dára jù fún un. Ọjà yẹn kì í sáré, kódà iye ìpín kan ò lè gòkè tàbí wálẹ̀ ju 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń rà máa ń kéré lórí ọ̀pọ̀ ìpín, àṣẹ ńlá kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo wọn tán.

Sítọ́ọ̀pù: títà dájú, iye ò dájú

Sítọ́ọ̀pù yàtọ̀ pátápátá. Kì í wọ inú ìwé ọjà. Ó ń sùn sọ́dọ̀ alágbàtà tàbí nínú ẹ̀rọ ọjà, títí iye á fi kan nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, èyí tí mo máa pè ní iye ìjí. Bó bá ti kàn án, sítọ́ọ̀pù jí, ó sì di àṣẹ ìtàlójúẹsẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, nọ́ńbà yín ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Faransé sọ ọ́ kedere: `Ordre à seuil de déclenchement`. `Sell Stop` máa ń wà lábẹ́ iye òní, `Buy Stop` máa ń wà lókè rẹ̀. Ibi tí ẹ bá kọ `S/L` sí lórí MetaTrader, ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣòwò, sítọ́ọ̀pù lásán náà ni.

Lọ́jọ́ tí ọjà bá rọ̀, sítọ́ọ̀pù ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ká ní ẹ gbé e sí 48, tí ẹnì kan sì fẹ́ ra 400 ní 47.98. Wọ́n á ta gbogbo 300 fún un, ìyọ̀ yín á jẹ́ yúrò 6 péré. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ tí ọjà bá wá ń sáré, ìwé ọjà tí mo fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan ni sítọ́ọ̀pù kan náà máa bá pàdé, ní 48 kan náà, á sì yọ̀ ní yúrò 251. Ẹ ò yí ohunkóhun padà. Àwọn tó ń rà ló ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin Kétu yẹn nìyí. Mo ní kó ṣí ìtàn òwò rẹ̀, a sì rí i pé iye tí wọ́n tà á fún un bá iye tí ọjà gbà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn mu. Bí ẹ bá fura sí alágbàtà yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ṣòwò ní iye tí wọ́n fún yín ní àkókò yẹn. Bí ọjà kò bá dé ibẹ̀ rárá, ìgbà yẹn lẹ tó ní ẹjọ́ tí ẹ lè bá wọn rò.

Sítọ́ọ̀pù-límíìtì: nọ́ńbà méjì, ewu tuntun

Èyí gba nọ́ńbà méjì: iye ìjí àti iye òpin. Ẹ lè ní kó jí ní 48, kó má sì tà kéré sí 47.50. Bí iye bá kan 48, sítọ́ọ̀pù jí, ṣùgbọ́n límíìtì ló dà, kì í ṣe ìtàlójúẹsẹ̀. `Ordre à plage de déclenchement` ni Faransé ń pè é, `Stop Limit` ni ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta bítíkọ́ìnì.

Ẹ gbé e lọ sínú ìwé ọjà wa. Ó ta 50 ní 47.90 àti 100 ní 47.60, ó sì dúró. Ìpín 150 kù lọ́wọ́ yín, ó ń dúró de ẹni tó máa san 47.50. Láti ibí, ọ̀nà pín sí méjì. Bí ìjábọ̀ yẹn bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú díẹ̀, tí iye sì padà gòkè, wọ́n á ra 150 yẹn ní 47.50, ọwọ́ yín á sì fi yúrò 131 sàn ju ti ẹni tó lo sítọ́ọ̀pù lásán. Bí iye bá ń lọ sísàlẹ̀ láìdúró títí dé 44, 150 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti fi yúrò 394 burú ju ẹni tó lo sítọ́ọ̀pù lásán, ìyẹn sẹ́fà 258,447. Òun ti jáde, ẹ̀yin ṣì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, aàyè tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó bá kọ 48 sí méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n má tà á bí ọjà bá ń sáré, nítorí pé nígbà tí àṣẹ náà bá fi máa jí, iye ti kọjá ibẹ̀. Bí mo bá ń yan aàyè yẹn, mo máa ń wo bí iye ṣe máa ń fò láàárín ìṣẹ́jú kan lọ́jọ́ tí ọjà náà kò fara rọ, mo sì ń fi aàyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra gan-an lórí MetaTrader 5. `Sell Stop Limit` tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí mo ń sọ. Ìjí tirẹ̀ wà lábẹ́ iye òní, ṣùgbọ́n iye tí ẹ kọ sí `Stop Limit price` wà lókè ìjí yẹn: kí iye wálẹ̀ ná, kó tún gòkè díẹ̀, kí wọ́n tó tà. Ẹni tó fẹ́ wọ ọjà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi dáàbò bo ohun tó ti rà kò ní ààbò kankan bí iye bá ń já bọ̀ láìwẹ̀yìn.

Kí ló ń mú iye yọ̀ nígbà tí ọjà bá ń sáré?

Èyí tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi á tán lẹ́yìn ẹja. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé iye ìrà àti iye ìtà kalẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́ máa ń kó tiwọn kúrò bí ìròyìn ńlá bá fẹ́ jáde, nítorí àwọn náà ò fẹ́ kó gbá àwọn mú. Ibi tí 5,000 wà tẹ́lẹ̀ á ku 50. Àlàfo láàárín iye ìrà àti iye ìtà á sì fẹ̀. Lórí MetaTrader, iye ìrà, ìyẹn iye tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ yín, ni àwòrán ń fi hàn bí ẹ ò bá yí i padà, bẹ́ẹ̀ iye ìtà, iye tí wọ́n máa tà á fún yín, ló ń jí `Buy Stop`. Ìdí nìyẹn tí sítọ́ọ̀pù ẹni tó kọ́kọ́ ta ohun tí kò ní, tó ń retí kí iye wálẹ̀ kó tó rà á padà, fi lè jí nígbà tí àwòrán ò tíì kan nọ́ńbà rẹ̀ rárá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa nígbà tí ọjọ́ òwò ń parí ní Níú Yọ́ọ̀kì, ìyẹn aago mẹ́wàá alẹ́ tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mọ́kànlá nígbà òtútù wọn.

Lẹ́yìn èyí, sítọ́ọ̀pù ń jí sítọ́ọ̀pù. Àwọn èèyàn máa ń kó tiwọn jọ sábẹ́ nọ́ńbà tó mọ́ rọ́ńdó, bíi 48 tàbí 50. Bí iye bá kàn wọ́n, gbogbo wọn á di àṣẹ ìtàlójúẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ti iye náà wálẹ̀ síi, á sì lọ jí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Fóònù tó ń fà nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ń dá kún un fún ẹni tó ń fọwọ́ ta lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í pa sítọ́ọ̀pù tó ti wà lọ́dọ̀ alágbàtà lára.

Èyí tó burú jù ni kí iye fò, kí ó má kan ibì kankan láàárín. Àwọn àgbà wa mọ irú èyí. Lóṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín owó sẹ́fà kù: fáráǹ Faransé kan tó jẹ́ sẹ́fà 50 di sẹ́fà 100. Kò sí wákàtí kankan tó fi jẹ́ 60 tàbí 75. Ẹni tó bá ti pinnu pé òun á pààrọ̀ owó òun bó bá dé 60 kò rí 60 yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ni sítọ́ọ̀pù ṣe ń rí bí ọjà bá tì lọ́jọ́ Ẹtì ní 50, tó sì ṣí lọ́jọ́ Ajé ní 45. Èyí tó wà ní 48 á jí, á sì tà ní 45.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, 2015

Báńkì àgbà ilẹ̀ Swítsáláǹdì ti sọ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 pé àwọn ò ní jẹ́ kí yúrò kan kéré sí fáráǹ Swítsáláǹdì 1.20. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wá ń ra yúrò sún mọ́ 1.20, wọ́n fi sítọ́ọ̀pù sí abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí aago tiwọn àti ti Àjàṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan náà ní oṣù kìíní, báńkì náà kéde pé òun ti jáwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yúrò já kọjá fáráǹ 1.00.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún ẹni tó ra yúrò 10,000 ní 1.2010, tó fi sítọ́ọ̀pù sí 1.1950. Àdánù tó ń retí jẹ́ fáráǹ 60. Bí wọ́n bá rí ẹni rà á ní 1.0000, àdánù rẹ̀ di fáráǹ 2,010. Bó bá jẹ́ pé 500 ló wà nínú àpò rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà, tó fi owó yíyá gbé ìyókù, ó ti jẹ gbèsè 1,510. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wọ ọrùn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ yẹn, àwọn alágbàtà kan sì wó.

Ẹni tó lo sítọ́ọ̀pù-límíìtì, 1.1950 àti 1.1900, ńkọ́? Àṣẹ rẹ̀ jí, kò sì rí ẹni kankan. Yúrò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ fi ṣú. Iye yẹn kò padà kan 1.20 títí di oṣù kẹrin ọdún 2018. Ẹni tó fi owó yíyá ṣe é kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, alágbàtà á ti tà á fún un. Kò sí èyí tó gbà wọ́n là nínú àṣẹ méjèèjì. Ohun tó lè gbà wọ́n là ni kí wọ́n ti ra díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ pinnu iye tí ẹ lè pàdánù, kí ẹ tó ronú nípa irú àṣẹ. Ẹ má fi iye ìjí ṣe ìṣirò, ẹ fi ibi tí ìyọ̀ burúkú lè gbé yín dé ṣe é. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ rà ní 50, sítọ́ọ̀pù wà ní 48, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé wọ́n lè tà á ní 45. Yúrò 5 nìyẹn lórí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ pé sẹ́fà 500,000 ni àdánù tí ẹ lè fara dà, ó jẹ́ yúrò 762, ìpín tí ẹ lè rà sì jẹ́ 152, kì í ṣe 300.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan àṣẹ. Fún ohun tí ẹ fi owó yíyá rà, sítọ́ọ̀pù lásán ni kí ẹ lò, nítorí jíjáde ṣe pàtàkì ju iye lọ. Àwọn alágbàtà kan ń ta sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní yọ̀. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lé e, ẹ sì béèrè bí wọ́n bá ní in. Fún ìpín tí ẹ fi owó ara yín rà, tí ẹ sì lè gbé fún ọdún mélòó kan bí iye bá fò kọjá yín, sítọ́ọ̀pù-límíìtì ò burú, bí aàyè rẹ̀ bá tó. Láti wọlé tàbí láti gba èrè, límíìtì.

Ẹ má gbé sítọ́ọ̀pù sí orí nọ́ńbà tó mọ́ rọ́ńdó. 47.83 sàn ju 48 lọ. Ẹ sì wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó sùn. Ìròyìn iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó sábà máa ń jáde ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù, ń dé ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tiwa tàbí méjì ààbọ̀, bí àkókò ọdún bá ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Mo máa ń dín ohun tó wà lọ́wọ́ mi kù ṣáájú rẹ̀.

Nítorí iná tó ń lọ, ẹ mọ èyí tó ń gbé inú ẹ̀rọ yín àti èyí tó ń gbé ọ̀dọ̀ alágbàtà. `S/L` lórí MetaTrader wà lọ́dọ̀ wọn, á sì ṣiṣẹ́ bí ẹ tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. `Trailing Stop` ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ló ń sún un, bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ibi tó sún un dé kẹ́yìn ló máa dúró sí.

Ní ìparí oṣù, ẹ ṣí ìtàn òwò yín, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé fún gbogbo sítọ́ọ̀pù tó jí: iye ìjí, iye tí wọ́n tà á gan-an, àti aago tó ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ẹ sọ ọ́ di sẹ́fà. Bí ìyọ̀ bá pọ̀ ní aago kan pàtó, ẹ má jẹ́ kí òwò yín wà ní ṣíṣí ní aago yẹn mọ́. Bó bá sì ń yọ̀ nígbà gbogbo, kódà nígbà tí ọjà rọ̀, tí kò sì sí ọjọ́ kan tó yọ̀ sí ọ̀dọ̀ yín lórí límíìtì, ẹ gbé ìwé yẹn síwájú alágbàtà yín kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀, bí àlàyé wọn ò bá sì bá iye ọjà mu, ẹ kó owó yín lọ síbòmíràn.